Bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe lè wọ inú àkópọ̀ ìwé ìtàn iṣẹ́ láìbo iṣẹ́ owó oṣù mọ́lẹ̀

Nígbà kan tí a ń wá oníṣẹ́ iná mànàmáná, mo ka ìwé ìtàn iṣẹ́ ọkùnrin kan, mo sì fi í sápá kan pé olùkọ́ ni. Àkópọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń kọ́ nírọ̀lẹ́. Ó sọ iye wọn, ó sọ ìdánwò tí wọ́n yege, ó sọ bí inú àwọn òbí wọn ṣe dùn tó. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ iná. Gbólóhùn tó sọ bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ojú mi ò sì débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn nínú wa ló tún ìwé náà kà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òun ló mú un padà wá.

Ọkùnrin yẹn ò parọ́ kankan, ohun tó sì ń ṣe fún àwọn ọmọ náà dára. Ibi tó gbé e sí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn èèyàn tún irú ìpínrọ̀ yìí ṣe, ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

Àkópọ̀ tí mò ń sọ ni ìpínrọ̀ kúkurú tó máa ń wà lókè ìwé ìtàn iṣẹ́, lábẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, kó tó kan àtòjọ àwọn ibi tí èèyàn ti ṣiṣẹ́. Kì í sábà ju ọ̀rọ̀ àádọ́ta sí àádọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ìwé pọ̀ níwájú rẹ̀ máa ń ka èyí kó tó ka ìyókù, ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní ka ìyókù rárá. Ohun tó ń wá níbẹ̀ kò pọ̀: irú iṣẹ́ wo lẹni yìí ń ṣe, ó ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, kí ló ti ṣe tó fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, àyè ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbà.

Obìnrin tí a máa bá lọ

Kí ọ̀rọ̀ má baà wà lófuurufú, ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ara ìwé oríṣiríṣi tí mo ti bá pàdé ni mo ti ṣa ìtàn rẹ̀ jọ, kò sí ẹnì kan pàtó tí mò ń tọ́ka sí. Ó ti lo ọdún 7 nídìí iṣẹ́ sítọ́ọ̀: ọdún 2 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tó ń kọ ẹrù tó ń wọlé sílẹ̀, ọdún 5 gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ipò alábòójútó sítọ́ọ̀ ló ń wá báyìí. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń ṣe nǹkan mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́: ó ń darí àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní lọ́jọ́ Sátidé, òun ni akápò ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rọ èèyàn láti wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

> Mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti máa ran àwùjọ lọ́wọ́. Láti ọdún 6 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò, mo sì ń darí èèyàn 14 tó ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pe èèyàn wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo tún ní ìrírí nínú iṣẹ́ sítọ́ọ̀.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 66 ni. Méje péré ló jẹ́ ti iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lé lórí, àwọn méje náà ló sì gbẹ̀yìn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo tún", bí ẹni tó rántí nǹkan lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún 7 rẹ̀ kò hàn níbì kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fi ìpolówó iṣẹ́ náà wá àyè tó ṣófo

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ mú ìpolówó iṣẹ́ náà, kí ẹ to gbogbo ohun tó béèrè sápá òsì ìwé kan, ní ìlà ìlà. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ owó oṣù yín tó lè jẹ́rìí sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ owó oṣù nìkan ni kí ẹ kọ ná.

Ìpolówó tí obìnrin wa fẹ́ dá lóhùn béèrè nǹkan márùn-ún: ó kéré tán ọdún 5 nídìí sítọ́ọ̀, mímọ bí a ṣe ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọpa ọjà, kíka ọjà déédéé, dídarí òṣìṣẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, àti ṣíṣètò ẹni tí iṣẹ́ kàn lójoojúmọ́. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣòro fún un, iṣẹ́ rẹ̀ kún fún wọn. Ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún ni apá ọ̀tún ti ṣófo. Ó ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ ọ̀gá ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Àyè tó ṣófo yẹn ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti wúlò nínú àkópọ̀. Níbi tí iṣẹ́ owó oṣù bá ti jẹ́rìí tán, ẹlẹ́rìí kejì tí kò gbowó ò fi nǹkan kan kún un, ńṣe ló ń gbàyè. Bí ìwé yín bá sì kún lápá ọ̀tún láti òkè délẹ̀, àkópọ̀ yín lè má nílò iṣẹ́ ọ̀fẹ́ rárá. Ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹ sì fọkàn balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: kọ iṣẹ́ owó oṣù nìkan títí yóò fi dá dúró

Ibí yìí ló yẹ ká pẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń bàjẹ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń bo iṣẹ́ owó oṣù mọ́lẹ̀ kódà nígbà tí kò ju gbólóhùn kan lọ. Ohun tó ń fà á ni pé èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ ohun tó fi ìfẹ́ yàn pẹ̀lú ẹ̀mí. Á sọ pé "mo dá a sílẹ̀", "mo kó èèyàn 14 jọ", "ìdílé báyìí ló ń jẹ níbẹ̀". Tó bá wá kan ibi iṣẹ́, á kọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀: "mo ní ojúṣe lórí títọ́jú ọjà". Nọ́ńbà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó yí padà. Ojú ẹni tó ń kà á sì máa lọ bá nọ́ńbà níbi tó bá wà.

Nítorí náà, ẹ má tíì rò ó láti gé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kúrú. Ẹ kọ́kọ́ mú iṣẹ́ owó oṣù sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi èèyàn. Àkọ́kọ́: kí ló ń gba ọwọ́ rẹ kọjá, mélòó ni? Èkejì: kí ló yàtọ̀ níbẹ̀ báyìí sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí o dé? Ẹ̀kẹta, òun ló sì máa ń yọ nǹkan jáde jù: bí o kò bá wá síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló máa dúró?

Nígbà tí obìnrin wa dáhùn ìbéèrè kìíní, ó ní oríṣi ọjà tó wà níkàáwọ́ òun tó 3,000. Ní ìbéèrè kejì, ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan tó yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé nígbà tí òun dé, wọn kì í ka ọjà àfi lópin ọdún, iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà sì máa ń yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí pẹpẹ. Tí wọ́n bá ka ọgọ́rùn-ún oríṣi, nǹkan bíi mẹ́rin máa ṣì. Òun wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka pẹpẹ kan láràárọ̀, kó tó di pé àwọn oníbàárà dé. Láàárín ọdún méjì, àṣìṣe náà lọ sílẹ̀ sí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ìyẹn náà jẹ́ nǹkan téèyàn ń kọ." Nǹkan tí agbanisíṣẹ́ tó ń wá alábòójútó sítọ́ọ̀ ń fi ojú wá gan-an ni. Ní ìbéèrè kẹta, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ò ní rí ẹni kọ́ wọn ní ètò kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo bí ohun tí a rí ṣe pọ̀ tó kí a tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kankan. A kọ ọ́ báyìí:

> Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni mí, mo sì ti lo ọdún 7 nínú iṣẹ́ gbígba ẹrù wọlé, títọ́jú wọn àti kíkó wọn jáde. Níbi iṣẹ́ tí mo wà báyìí, oríṣi ọjà 3,000 ló wà níkàáwọ́ mi. Láàárín ọdún 2, mo dín àṣìṣe iye ọjà kù láti ìdá 4 sí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní lílo kọ̀ǹpútà sítọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ 63. Ó dá dúró. Bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣì í mú fún olùkọ́. Ìgbà tó bá dé ibí yìí la tó lè fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mú ẹyọ kan

Nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mẹ́rin, ẹyọ kan ló máa wọ àkópọ̀. Mo ti rí ibi tí méjì ti wọlé láìṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, àtipé ìkejì sábà máa ń jẹ́ nítorí pé ọkàn ẹni tó kọ ọ́ ò gbà kó fi í sílẹ̀. Èyí tí ẹ máa mú gbọ́dọ̀ kún àyè tó ṣófo ní ìgbésẹ̀ kìíní, kó jẹ́ ohun tí ẹ ṣì ń ṣe tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, kó sì ní ẹnì kan tó lè jẹ́rìí sí i bí agbanisíṣẹ́ bá pè é.

Pípín oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé ló bọ́ sí àyè obìnrin wa. Ó ń darí èèyàn, ó sì ń pinnu ẹni tó máa dúró síbi ẹrù, ẹni tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó máa rọ́pò bí ẹnì kan ò bá wá. Ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ akápò dára, ṣùgbọ́n ìpolówó yìí kò béèrè nípa owó. Ìgbìmọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìpàdé méjì lọ́dún ni.

Kíkọ́ àwọn ọmọdé ló ṣòro fún un láti fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni, ohun tó sì sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù nìyẹn. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yọ àwọn ọmọ yẹn kúrò ni?" Mo ní kó má yọ ọ́, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ ìwé ni. Àwọn ọmọ náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́fà wọn. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun èèyàn, kò sì yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà la ń sọ, kì í ṣe bó ṣe níyì tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kọ ohun tí o ń ṣe, má kọ oyè

Nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́, oyè kì í sọ púpọ̀. "Alága" ẹgbẹ́ kan lè máa ṣètò ọgọ́rùn-ún èèyàn, ti ẹgbẹ́ mìíràn lè máa ṣí ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹni tó ń kà á ò lè mọ̀yàtọ̀. Ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣe ni kí ẹ kọ, kí ẹ sọ iye èèyàn tó kàn, kí ẹ sì sọ bó ṣe ń wáyé tó. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ilé ìjọsìn tàbí ti ẹgbẹ́ òṣèlú, sísọ iṣẹ́ láìsọ orúkọ ibẹ̀ nínú àkópọ̀ tún ní àǹfààní kan: ẹni tó ń kà á máa gbọ́ nípa iṣẹ́ yín, kò ní máa ronú nípa ìgbàgbọ́ yín. Orúkọ ibẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Ohun tó ṣe kókó jù níbí ni pé gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi í pamọ́ de ìsàlẹ̀. Bí obìnrin wa bá kọ "mo ń darí èèyàn 14" láìsọ jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kà á máa rò pé níbi iṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá wá bi í lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé òṣìṣẹ́ mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó sì dáhùn pé kò sí, gbogbo nọ́ńbà yòókù nínú ìwé náà máa di ohun tí wọ́n ń ṣiyèméjì sí, títí kan àwọn tó jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé.

Bákan náà, ẹ má ṣe ro ọdún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ mọ́ ti iṣẹ́ owó oṣù. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin wa ti ń darí pípín oúnjẹ. Ọdún 7 àti ọdún 3 kì í ṣe "ìrírí ọdún 10". Ọdún mẹ́ta náà wà nínú méje ọ̀hún, àkókò kan náà ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi wákàtí wò ó. Wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí àádọ́ta Sátidé lọ́dún, jẹ́ 200 wákàtí lọ́dún, ìyẹn 600 ní ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ 40 wákàtí lọ́sẹ̀ máa ṣe 600 wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún mẹ́ta lójú kàlẹ́ńdà kò tó oṣù mẹ́rin iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìyẹn ò dín ohun tó kọ́ níbẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ̀ ọ́n kó tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, torí ẹni tó ń bi í léèrè lè ṣe ìṣirò náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fi í sí ìparí, kó má ju ìdá mẹ́rin lọ

Gbólóhùn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló máa gbẹ̀yìn, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ọ̀rọ̀ inú àkópọ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tèmi ni èyí, kì í ṣe òfin ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó kà á máa ń rántí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Èyí tí a fi kún ti obìnrin wa nìyí:

> Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń yọ̀ǹda ara mi láti ṣètò iṣẹ́ èèyàn 14 tó ń pín oúnjẹ fún aláìní.

Ọ̀rọ̀ 18 ni. Pẹ̀lú 63 àkọ́kọ́, àpapọ̀ di 81, tí ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ ogún àti díẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó dé ìwọ̀n. A lè fi "láti ọdún 3" sí i, á sì di ọ̀rọ̀ 21 nínú 84, géérégé ìdá mẹ́rin. A yọ ọ́, a fi ọdún náà sí ìsàlẹ̀, kí nọ́ńbà kan ṣoṣo lè wà nínú gbólóhùn náà, nígbà tí àwọn nọ́ńbà iṣẹ́ owó oṣù pọ̀ jù ú lọ. "Yọ̀ǹda ara mi" ló sọ pé kò gbowó. "Lọ́jọ́ Sátidé" náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ó ń dáhùn ìbéèrè tí agbanisíṣẹ́ kì í sábà béèrè sójú ẹni, pé ṣé iṣẹ́ yìí kò ní máa gba àkókò lọ́wọ́ tiwa. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mẹ́rin wà lókè ìwé, ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n ń mú wá sí ọkàn ẹni tó ń kà á.

Àwọn yòókù nísàlẹ̀

Lẹ́yìn gbogbo àtòjọ iṣẹ́ owó oṣù, ẹ ṣí apá kan tí ẹ máa pè ní "Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti iṣẹ́ àdúgbò". Èyí tí ẹ mẹ́nu bà nínú àkópọ̀ ló máa ṣáájú, ó sì lè ní ìlà méjì. Ìlà kan péré tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyókù. Ti obìnrin wa rí báyìí:

> Olùṣètò pípín oúnjẹ, láìgbowó, ọdún 3 títí di ìsinsìnyí, wákàtí 4 lọ́sẹ̀. Mò ń pín iṣẹ́ fún èèyàn 14, mo sì ń kọ ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde.
> Akápò ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò, láìgbowó, ọdún 4 títí di ìsinsìnyí.
> Olùkọ́ ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé, láìgbowó, ọdún 6 títí di ìsinsìnyí.

Nínú ìwé gidi, oṣù àti ọdún tí kálukú bẹ̀rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò wọlé, nítorí ìpàdé méjì lọ́dún kò tó ohun tí a fi ń gba ìlà kan. Ẹ tún kíyè sí i pé gbogbo ohun tó wà nínú gbólóhùn ìparí àkópọ̀ ló gbọ́dọ̀ tún fara hàn níbí, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Bí òkè bá sọ pé 14, tí ìsàlẹ̀ sọ pé "bí ogún", ẹni tó ń kà á á mú un.

Àwọn tí ìlànà yìí yí padà fún

Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ owó oṣù fún ọdún mélòó kan, bóyá ó ń tọ́jú ọmọ tàbí aláìsàn, tó sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà náà, kò lè fi í sí ìparí bí ti obìnrin wa. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn ló fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò nídìí iṣẹ́. Síbẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ ti iṣẹ́ owó oṣù àtijọ́: "Aṣírò owó ni mí, mo ti ṣe é fún ọdún 8." Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ máa tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kejì: "Láti ọdún 3, mo ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ kan láìgbowó." Ó lè tó ìdá mẹ́ta ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lójoojúmọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà, ó tiẹ̀ lè wọ àtòjọ iṣẹ́ gan-an, ní ibi tí ọdún rẹ̀ bọ́ sí, tí "láìgbowó" bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyè rẹ̀.

Ẹni tó ń yí iṣẹ́ padà fara jọ ọ́, àmọ́ ó nira díẹ̀ fún òun, nítorí pé iṣẹ́ owó oṣù rẹ̀ lè má bá ìpolówó mu rárá. Kó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ owó oṣù rẹ̀, kó fa ohun tó bá iṣẹ́ tuntun mu yọ nínú rẹ̀, kó tó kan iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Tó bá fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣáájú, ẹni tó ń kà á máa délẹ̀, á rí ọdún mẹ́wàá nínú iṣẹ́ mìíràn, á sì rò pé wọ́n fẹ́ tan òun. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì gbowó oṣù rí, kò sí ohun tí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lè bò mọ́lẹ̀, kó kọ ọ́ dáadáa ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àánú ló fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, ọ̀pọ̀ máa ń rò pé kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wá sókè. Bí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń wá olùtọ́jú sítọ́ọ̀, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ló ń wá. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ àánú máa pọ̀ nínú ìwé tó wà níwájú wọn, ẹni tó mọ sítọ́ọ̀ ló máa ṣọ̀wọ́n.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín dáadáa ní àkópọ̀ náà nìkan. Ẹ ka ẹyọ kan dé mẹ́wàá nínú ọkàn yín, kí ẹ gbà á padà, kí ẹ sì bi í pé: "Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe?" Bó bá kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ owó oṣù, ó ti dára. Bó bá ní "ẹ ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́", iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣì ń bò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa tún un ṣe ni pé kí ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ wá nọ́ńbà tàbí àyípadà kan sí i nínú iṣẹ́ owó oṣù. Gígé gbólóhùn ìparí kù lásán kì í tó. Ẹ bi í léèrè mìíràn: "Èwo nínú ohun tí mo kọ ni wọn kò sanwó fún mi lé lórí?" Bí kò bá lè dáhùn, ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni kò tíì hàn tó.

Ẹ tún gbólóhùn ìparí yẹ̀ wò fún gbogbo ìpolówó tuntun, nítorí àyè tó ṣófo máa ń yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, obìnrin wa rí iṣẹ́ mìíràn, sítọ́ọ̀ kékeré kan tí kò ní ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí olùtọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, kó sì máa ṣírò rẹ̀. Kò fọwọ́ kan owó níbi iṣẹ́ rí. Gbólóhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ dúró bí wọ́n ṣe wà. Pípín oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e yìí sì gba ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀ 21 nínú 84:

> Ọdún 4 ni mo ti fi jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àdúgbò láìgbowó, mo sì ń fi ìwé owó hàn fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún.